Ta Ni Yóò Dá Ẹjọ́ Èdè Wa? Ọ̀rọ̀ Lórí Àbá Ìwádìí Ìwé Kíkà



Àwọn baba wa ní ẹni tí ó gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Mo rántí ọ̀rọ̀ yìí láìpẹ́, nígbà tí a gbé àbá ìwádìí kan wá sí iwájú mi ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́, pé kí n kà á kí n sì fi ọwọ́ sí i. Ẹni tí ó kọ ọ́ kì í ṣe òmùgọ̀, èmi kò sì ní dárúkọ rẹ̀ tàbí ibi tí ó ti wá. Ohun tí ó fẹ́ mọ̀ ni bóyá fífi èdè abínibí kọ́ ọmọdé ń mú kí ó tètè mọ ìwé kà. Ọ̀nà tí ó fẹ́ gbà ni pé yóò mú ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba kan tí a ti ń fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ, yóò mú ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni kan tí a ti ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ wọn, yóò ka ọgọ́rùn-ún ọmọ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, yóò fún gbogbo wọn ní ìdánwò kan náà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún kan, yóò sì wá sọ fún ayé èwo nínú èdè méjèèjì ni ó borí.

Èmi kò fi ọwọ́ sí i. Nígbà tí ó gbọ́, ó wá bá mi, ó dọ̀bálẹ̀, ó sì fi ìbínú díẹ̀ bi mí pé, “Baba, ṣé ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn Yorùbá tó báyìí náà ni ẹ óò dí ìwádìí lórí Yorùbá lọ́wọ́?” Mo dá a lóhùn pé nítorí pé mo fẹ́ràn rẹ̀ náà ni. Ìdáhùn náà gùn ju èyí tí mo lè sọ tán lórí ìdúró lọ, ìdí nìyí tí mo fi kọ ọ́ síhìn-ín, nítorí pé kì í ṣe ọ̀dọ́mọkùnrin yìí nìkan ni ó ń rò báyìí. Àwọn tí wọ́n ń ṣe òfin fún wa pàápàá ń rò bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lójú gbogbo wa. Láti ọdún 1977 ni ìlànà ètò ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè yìí ti wí pé kí a fi èdè abínibí, tàbí èdè àdúgbò, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọmọdé. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, Ìjọba Àpapọ̀ fi ọwọ́ sí ìlànà mìíràn pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́fà gbáko ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, Mínísítà fún ètò ẹ̀kọ́ kéde pé a ti fagi lé e, pé Gẹ̀ẹ́sì ni a óò máa fi kọ́ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìdí tí ó sọ ni pé àwọn agbègbè tí wọ́n di èdè abínibí mú jù ni wọ́n ń fìdí-rẹmi jù nínú ìdánwò àṣejáde ilé-ẹ̀kọ́ sẹ́kọ́ńdírì àti ìdánwò ìwọlé sí Yunifásítì.

Ẹ fi ọwọ́ ka ọdún náà wò. Ọmọ tí ó wọ kíláàsì kìíní ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, lẹ́yìn tí a ṣe òfin náà, kíláàsì kẹta ni ó wà nígbà tí a fagi lé e. Ìdánwò àṣejáde sẹ́kọ́ńdírì ṣì wà ní ọdún mẹ́sàn-án sí iwájú rẹ̀. Kò sí ọmọ kan tí òfin 2022 tọ́ láti kíláàsì kìíní tí ó tíì jókòó sí ìdánwò tí a fi dá òfin náà lẹ́bi. Bí ẹnìkan bá sì wí pé ti òfin 1977 ni a ń sọ, a ó bi í pé: kíláàsì wo ni ẹ wọ̀, ọjọ́ wo ni ẹ wọ̀ ọ́, èdè wo sì ni ẹ gbọ́ lẹ́nu olùkọ́ níbẹ̀? Ohun tí ó wà nínú ìwé òfin kì í ṣe ẹ̀rí ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nínú kíláàsì. Agbègbè tí òṣì wà, tí olùkọ́ kò tó, tí ìwé kò sí, ni ìdánwò ti ń nira, èdè yòówù kí wọ́n máa sọ níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ kí a yọ̀ jù lórí àṣìṣe Mínísítà, nítorí àṣìṣe kan náà ni ó wà nínú àbá ọ̀dọ́mọkùnrin tí mo kọ̀, ó sì wà nínú ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ tí àwa olùfẹ́ èdè ń sọ ní gbọ̀ngàn. A ń fi ohun méjì tí kò jọ ara wọn wé ara wọn, a sì ń sọ pé èdè ni ó fa ìyàtọ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni ń gba owó. Ọmọ tí òbí rẹ̀ lè san owó yẹn ti rí ìwé nílé kí ó tó mọ orúkọ olùkọ́ rẹ̀. Ó lè jẹ́ ogún ọmọ ni ó wà ní kíláàsì rẹ̀, nígbà tí ọgọ́ta wà ní ti ìjọba. Bí a bá fi ìdánwò wọn wé ara wọn, àpò baba ni a wọ̀n, a kò wọn èdè.

Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ nínú àbá ìwádìí ni ìbéèrè tí kò ní àbùkù. Èyí ni ìbéèrè tí mo kọ sílẹ̀ fún ọ̀dọ́mọkùnrin náà. Nínú àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba, bí a bá kọ́ àwọn ọmọ tí wọ́n ń sọ Yorùbá nílé láti kàwé ní Yorùbá, tí a sì fi Yorùbá kọ́ wọn ní ìṣirò àti iṣẹ́ mìíràn fún ọdún mẹ́ta, tí Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan lọ́tọ̀ lójoojúmọ́, ǹjẹ́ wọn yóò mọ ìwé kà ní Yorùbá àti ní Gẹ̀ẹ́sì, ní òpin kíláàsì kẹta àti ní òpin kíláàsì karùn-ún, ju àwọn ẹgbẹ́ wọn tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ láti ọjọ́ kìíní lọ? Ẹ wò ó, a ti dárúkọ irú ọmọ, irú ilé-ẹ̀kọ́, ohun tí a ó ṣe, iye ọdún, ohun tí a ó wọ̀n, àti ìgbà tí a ó wọ̀n ọ́. Ìbéèrè tí kò bá sọ gbogbo ìwọ̀nyí, ìdáhùn yòówù ni a lè fi bò ó.

Ọ̀pọ̀ yóò wí pé, “Ṣé Ifẹ̀ kò ti dáhùn èyí tipẹ́?” Mo bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ Ifẹ̀ gidigidi. Ní ọdún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ St. Stephen ní Modákẹ́kẹ́, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ owó Àjọ Ford. Ọ̀wọ́ kan ń fi Yorùbá kẹ́kọ̀ọ́ fún ọdún mẹ́fà, olùkọ́ tí ó mọ iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì dájú sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Ọ̀wọ́ kejì ń fi Yorùbá kẹ́kọ̀ọ́ fún ọdún mẹ́ta, wọ́n sì bọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì fún ọdún mẹ́ta tí ó kù. Ìròyìn tí wọ́n mú wá ni pé àwọn ọlọ́dún mẹ́fà ṣe dáradára ju àwọn kejì lọ nínú iṣẹ́ wọn, Gẹ̀ẹ́sì kò sì gbẹ̀yìn níbẹ̀.

Ẹ tún gbólóhùn yẹn kà. Ọ̀wọ́ méjèèjì ni ó fi Yorùbá bẹ̀rẹ̀. Ìbéèrè tí Ifẹ̀ bi ni bóyá ó yẹ kí a fi Yorùbá sílẹ̀ lẹ́yìn ọdún kẹta; kò bi bóyá ó yẹ kí ọmọ fi Yorùbá tàbí Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ìwé kíkà ní ọdún kìíní. Ẹni tí ó bá ń pe Ifẹ̀ ní ẹ̀rí fún ìwé kíkà ọmọ kékeré, ó ń mú ẹlẹ́rìí ọ̀ràn kan wá sí ọ̀ràn mìíràn. Lẹ́yìn èyí, ìwé tuntun àti olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì pàtàkì wà nínú iṣẹ́ náà pọ̀ mọ́ èdè, ilé-ẹ̀kọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ kò sì pọ̀. Alátakò lè bèèrè lọ́wọ́ wa pé, “Ṣé Yorùbá ni ó ṣe é ni, tàbí ìwé tuntun, tàbí olùkọ́ tí ó mọ iṣẹ́?” A kò sì ní lè fi ìdáhùn tí ó dájú pa á lẹ́nu mọ́. Àwọn àgbà Ifẹ̀ ti la ọ̀nà. Ìtìjú wa ni pé a jókòó sí ibi tí wọ́n fi ọ̀nà náà sí láti ìgbà náà.

Nínú àbá tí mo ń sọ yìí, nígbà náà, ohun tí a bá fún ọ̀wọ́ kan ni a gbọ́dọ̀ fún èkejì. Bí àwọn olùkọ́ Yorùbá bá gba ìdálẹ́kọ̀ọ́ ọ̀sẹ̀ méjì lórí bí a ti ń kọ́ ìwé kíkà, kí àwọn olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì gba ọ̀sẹ̀ méjì. Bí ọmọ ọ̀hún bá ní ìwé kan lọ́wọ́, kí ọmọ ìhín ní ìwé kan. Bí alábòójútó bá bẹ ọ̀hún wò lẹ́ẹ̀mejì lóṣù, kí ó bẹ ìhín wò lẹ́ẹ̀mejì. Èdè nìkan ni kí ó yàtọ̀. Èyí yóò mú ìnáwó pọ̀ sí i, ọ̀pọ̀ olùwádìí a sì máa sá fún un. Ṣùgbọ́n láìsí i, owó náà ti di omi tí a dà sí iyanrìn.

Ta ni yóò wá yan ilé-ẹ̀kọ́ tí yóò lo Yorùbá? Bí a bá ní kí olórí ilé-ẹ̀kọ́ tí ó bá fẹ́ ṣe é fa ọwọ́ sókè, àwọn tí ọkàn wọn gbóná jùlọ ni yóò fa á, ìtara wọn yóò sì wọ inú èsì bí iyọ̀ ti ń wọ inú ọbẹ̀. Bí a bá jẹ́ kí ìjọba yàn, ó lè jẹ́ àwọn tí kò rí olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni yóò kó fún Yorùbá. Kèké nìkan ni kò ṣe ojúsàájú. Kí a kọ orúkọ ogójì ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀, kí a so wọ́n pọ̀ ní méjìméjì, èyí tí ó wà nígboro pẹ̀lú èyí tí ó wà nígboro, èyí tí ó wà lábúlé pẹ̀lú èyí tí ó wà lábúlé, èyí tí ọmọ pọ̀ nínú rẹ̀ pẹ̀lú irú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí a ṣẹ́ kèké láàrin méjì kọ̀ọ̀kan, ní gbangba, níwájú Ọba àti àwọn olórí ilé-ẹ̀kọ́, kí ẹnikẹ́ni má baà wí lẹ́yìn ọ̀la pé a fi ọwọ́ bọ inú àpò náà.

Níbi yìí ni ọ̀dọ́mọkùnrin mi ti ń bá mi jà jù. Ó ní, “Baba, igba ọmọ ni mo fẹ́ dán wò. Ṣé igba kéré ni?” Mo bi í bóyá ẹni tí ó tọ́ ọbẹ̀ wò ní ìgbà ọgọ́rùn-ún nínú ìkòkò kan lè sọ bí ọbẹ̀ ìlú ti rí. Ìkòkò kan ṣoṣo ni ó mọ̀. Àwọn ọmọ tí wọ́n wà nínú kíláàsì kan ń jẹ nínú ìkòkò kan náà: olùkọ́ kan ni wọ́n ní, àìwá rẹ̀ ń dùn wọ́n pọ̀, ọgbọ́n rẹ̀ sì ń ran gbogbo wọn.

Àwọn onímọ̀ ìṣirò ní ọ̀nà tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ̀ràn yìí, kò sì le. Ẹ jẹ́ kí a gbà pé ìdá kan nínú márùn-ún ìyàtọ̀ tí ó wà nínú máàkì àwọn ọmọ ni ó ti ọ̀dọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ wá, tí ìyókù ti ara ọmọ fúnra rẹ̀ wá. Bí a bá mú ọgọ́rùn-ún ọmọ nínú ilé-ẹ̀kọ́ kan, a ó ṣírò rẹ̀ báyìí: 1 + (99 × 0.2) = 20.8. Bí a bá fi 20.8 pín igba, ohun tí a óò rí kò pé mẹ́wàá. Ìyẹn ni pé igba ọmọ láti ilé-ẹ̀kọ́ méjì kò ní ẹ̀rí ju ọmọ mẹ́wàá tí a ṣà kiri lọ. Ṣùgbọ́n bí a bá mú ogún ọmọ nínú ogójì ilé-ẹ̀kọ́, ìṣirò náà di 1 + (19 × 0.2) = 4.8, a ó sì fi pín ẹgbẹ̀rin. Ó di nǹkan bí 167. Àwọn ọmọ di ìlọ́po mẹ́rin, ṣùgbọ́n ẹ̀rí di ìlọ́po mẹ́tàdínlógún. Ẹni tí ó bá ní owó díẹ̀, kí ó fi kún ilé-ẹ̀kọ́, kí ó má fi kún ọmọ. Àní nígbà náà pàápàá, ogójì ilé-ẹ̀kọ́ lè rí ìyàtọ̀ tí ó tóbi, ó sì lè fo èyí tí ó kéré dá. Nítorí náà kí a dán gbogbo ọmọ wò ní ìbẹ̀rẹ̀ kí kèké tó jáde, kí ìdánwò àkọ́kọ́ yìí lè ràn wá lọ́wọ́ láti ya ohun tí ọmọ mú wá láti ilé kúrò lára ohun tí ó rí gbà nílé-ẹ̀kọ́.

Mo dé orí ìdánwò fúnra rẹ̀, ibí yìí sì ni a ti máa ń rẹ́ èdè wa jẹ jùlọ. Ẹni tí ó fi Yorùbá kọ́ ọmọ fún ọdún kan, tí ó wá fi Gẹ̀ẹ́sì dán an wò, ó dàbí ẹni tí ó kọ́ ọmọ ní ìlù tí ó sì ní kí ó wá fọn fèrè. Gbogbo ọmọ, ní ọ̀wọ́ méjèèjì, ni kí a dán wò ní èdè méjèèjì, ní ẹnìkọ̀ọ̀kan, lójú olùdánniwò tí kò mọ ọ̀wọ́ tí ọmọ náà wà. Ọ̀nà kan wà tí a ń lò ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà báyìí: ọmọ yóò ka lẹ́tà tí a dà rú, yóò ka sílébù, yóò ka ọ̀rọ̀ tí kò ní ìtumọ̀, yóò ka ìtàn kúkúrú fún ìṣẹ́jú kan, a ó sì bi í ní ìbéèrè díẹ̀ lórí ohun tí ó kà.

Gbogbo olùkọ́ mọ ìdí tí a fi gbọ́dọ̀ da lẹ́tà rú. Ọmọ wa lè kọ a, b, d bí orin láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí ó má sì mọ “gb” nígbà tí ó bá dá wà. Mo ti rí ọmọ tí ó “ka” ojú-ewé kan nínú ìwé rẹ̀ láìsí àṣìṣe kan, tí mo sì rí i pé ìwé náà dorí kodò lọ́wọ́ rẹ̀. Nítorí náà, ìtàn tí kò tíì rí rí ni kí a fún un, kì í ṣe èyí tí kíláàsì ti ń ké láti oṣù mẹ́ta.

Ọ̀ràn àmì ohùn sì wà, èyí tí àbá tí a ṣe ní ilẹ̀ òkèèrè kì í rántí. Ẹ wo ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀, àti ọ̀kọ̀: lẹ́tà kan náà ni, ohùn ni ó ya ọkùnrin ilé kúrò lára irin-iṣẹ́ àgbẹ̀, tí ó ya ohun ìrìnnà kúrò lára ohun ìjà. Bí a bá tẹ ìtàn ìdánwò láìsí àmì, a ti ní kí ọmọ máa méfò. Bí a bá fi àmì sí ọ̀rọ̀ tí kò ní ìtumọ̀, tí ọmọ pe lẹ́tà rẹ̀ tọ́ ṣùgbọ́n tí ohùn rẹ̀ ṣì, ṣé ó gbà á ni àbí kò gbà á? Kò sí ìdáhùn kan tí ó sọ̀kalẹ̀ láti ọ̀run. Ohun tí ó ṣe pàtàkì ni kí a pinnu rẹ̀ kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀, kí a sì kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà kí àwọn olùdánniwò méjì gbọ́ ọmọ kan náà, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan fi máàkì tirẹ̀ sílẹ̀ láìwo ti ẹnìkejì. Bí máàkì wọn bá ń yàtọ̀ lemọ́lemọ́, ẹ̀bi wọn ni, kì í ṣe ti ọmọ. Kí wọ́n padà sí ìdálẹ́kọ̀ọ́. Bákan náà ni ẹ̀ka èdè. Ọmọ Ìjẹ̀bú, ọmọ Oǹdó àti ọmọ Èkìtì kò gbọ́ Yorùbá inú ìwé lẹ́nu ìyá wọn bí ọmọ Ọ̀yọ́ ti gbọ́ ọ. Bí ogójì ilé-ẹ̀kọ́ wa bá wà ní agbègbè kan ṣoṣo, kí a má ṣe sọ̀rọ̀ fún gbogbo ilẹ̀ Yorùbá.

Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe fi iye ọ̀rọ̀ tí ọmọ kà ní Yorùbá wé iye tí ó kà ní Gẹ̀ẹ́sì. “Ó ń lọ sí ilé” jẹ́ ọ̀rọ̀ márùn-ún lọ́dọ̀ wa, ọ̀rọ̀ mẹ́rin ni ó sì gbà ní Gẹ̀ẹ́sì. Àkọtọ́ wa ń tẹ̀lé ohùn ẹnu, ti Gẹ̀ẹ́sì kò tẹ̀lé e bẹ́ẹ̀. Ọ̀wọ́ ni a ó fi wé ọ̀wọ́ nínú èdè kan náà. A kò ní fi èdè wé èdè.

Nígbà tí iṣẹ́ bá ti bẹ̀rẹ̀, a gbọ́dọ̀ máa wọ kíláàsì lọ láìsọ tẹ́lẹ̀. Èyí tí a fi kèké fún ní Gẹ̀ẹ́sì, olùkọ́ rẹ̀ yóò bọ́ sí Yorùbá nígbà tí àwọn ọmọ bá ń wò ó bí ẹni wo odi. Èyí tí a fún ní Yorùbá, olùkọ́ rẹ̀ lè máa ka iye ní Gẹ̀ẹ́sì nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni a ti kọ́ òun náà. Kí ẹni tí ó jókòó sẹ́yìn kíláàsì máa kọ èdè tí ó gbọ́ sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún. Bí ó bá hàn ní òpin pé ọ̀wọ́ méjèèjì ń lo àdàlù kan náà, a jẹ́ pé a kò dán ohunkóhun wò, a kò sì gbọdọ̀ sọ pé Yorùbá kò wúlò.

Àwọn òbí náà ń bẹ. Ní ọjọ́ tí wọ́n bá gbọ́ pé kèké mú Yorùbá fún ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ wọn, àwọn tí ó lówó díẹ̀ yóò kó ọmọ wọn lọ sí ti aládàáni. Bí a bá ka àwọn tí ó kù nìkan, ọ̀wọ́ Yorùbá yóò dàbí ẹni pé ó kùnà, nígbà tí ó jẹ́ pé àwọn ọmọ ọlọ́wọ́ ni ó jáde. Kí a tọpasẹ̀ gbogbo ọmọ tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé ní ọjọ́ kìíní, kí a sì kà á sí ọ̀wọ́ tí kèké fi í sí, ibi yòówù kí ó ti jókòó lónìí. Mo sì fi ìtẹríba béèrè lọ́wọ́ ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí: ní ilé-ẹ̀kọ́ wo ni ọmọ-ọmọ tiyín wà? A ò lè máa lu ìlù èdè ní gbọ̀ngàn kí a sì máa sá fún un ní kíláàsì.

Ó ku ohun kan, òun ni ó sì le jù fún àwa ará ilé. Ẹ gbọ́ ohun tí àwọn aládùúgbò wa ti rí. Ní ilẹ̀ àwọn Kom ní Kamẹrúùnù, àwọn ọmọ tí a fi èdè wọn kọ́ ní ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ ta àwọn ẹgbẹ́ wọn yọ, ṣùgbọ́n nígbà tí gbogbo wọn bọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì, èrè náà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹlẹ̀ bí ọdún ti ń lọ. Ní Gúúsù Áfíríkà, àyẹ̀wò tí a tẹ̀ jáde ní 2016 rí i pé ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ nínú èdè abínibí mú Gẹ̀ẹ́sì àwọn ọmọ dára sí i lẹ́yìn náà. Ní Kẹ́ńyà, ìwádìí rí i pé èdè abínibí mú kí ọmọ mọ èdè náà kà sí i, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì wọn kò jèrè níbẹ̀, ìṣirò wọn sì rẹ̀yìn díẹ̀. Ní ìhà àríwá Ùgáńdà, láàrin àwọn Lango, ètò tí a ṣe pẹ̀lú ìwé àti ìdálẹ́kọ̀ọ́ kíkún mú ìwé kíkà lọ sókè gidigidi. Nígbà tí a dín ìnáwó rẹ̀ kù, èrè ìwé kíkà dínkù, apá kan nínú ìwé kíkọ sì burú ju ti àwọn tí a kò ràn lọ́wọ́ rárá lọ.

Kí ni a rí kọ́? Pé èdè nìkan kò tó láìsí ìwé àti olùkọ́ tí ó mọ iṣẹ́. Pé ẹni tí ó bá wọ̀n ní kíláàsì kejì nìkan yóò yọ̀ kíá, ẹni tí ó bá wọ̀n ní kíláàsì karùn-ún nìkan yóò sọkún kíá. Nítorí náà ìgbà méjèèjì ni kí a wọ̀n, kí a sì wọn ìṣirò pẹ̀lú. Pàtàkì jùlọ, a rí i pé èsì lè má bá wa lára mu. Èyí ni mo fi parí ọ̀rọ̀ mi pẹ̀lú ọ̀dọ́mọkùnrin náà. Mo ní kí ó kọ ìbéèrè rẹ̀, iye ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀, ọ̀nà máàkì rẹ̀, àti ohun tí yóò gbà ní ìṣẹ́gun tàbí ní ìkùnà sílẹ̀ kí kèké tó jáde, kí ó fi ẹ̀dà kan sí ààfin, kí ó fi ọ̀kan sí ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́, kí ó sì búra pé òun yóò tẹ èsì náà jáde bí ó bá tilẹ̀ dá Yorùbá lẹ́bi. Ó wò mí títí. Ó ní, “Baba, bí ó bá dá a lẹ́bi ńkọ́?” Mo ní a ó wá ìdí rẹ̀, a ó sì tún iṣẹ́ ṣe. Ẹni tí ó gbàgbọ́ pé ọmọ òun kò jalè kì í bẹ̀rù kí a tú àpò rẹ̀.

Ẹ̀yin ìjòyè àti ẹ̀yin ará, a óò gbé èsì ìwádìí wá bá yín láìpẹ́, láti ọwọ́ ọ̀tá àti láti ọwọ́ ọ̀rẹ́ èdè wa. Kí ẹ tó pàtẹ́wọ́ tàbí kí ẹ tó ké ìbòsí, ẹ bèèrè ìbéèrè mẹ́rin. Ta ni ó yan ilé-ẹ̀kọ́ tí ó lo èdè kọ̀ọ̀kan? Ilé-ẹ̀kọ́ mélòó ni, kì í ṣe ọmọ mélòó? Èdè wo ni a fi dán wọn wò, ta sì ni ó gbọ́ wọn? Kí ni ó yàtọ̀ láàrin wọn yàtọ̀ sí èdè? Ẹni tí kò bá rí ìdáhùn sí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ jẹ́ kí ó di ìwé rẹ̀ kí ó máa lọ, ìbáà ṣe Mínísítà, ìbáà ṣe akẹ́kọ̀ọ́ mi.

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ti mú àbá rẹ̀ padà wá ní ọ̀sẹ̀ yìí. Ogójì ilé-ẹ̀kọ́ ni ó wà nínú rẹ̀ nísinsìnyí, ó sì ń wá Ọba tí yóò jókòó ti àpò kèké. Èmi ti fi ọwọ́ sí i. Ó ku tiyín.